Ìtàn Fleming àti Churchill tí gbogbo ayé ń pín kiri: báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀?

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú kọ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìfúnnilẹ́bùn ní ilé ẹ̀kọ́ wa, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ìtàn àgbẹ̀ kan ní Skọ́tílándì tó ń jẹ́ Fleming ni mo gbé e kà. Àgbẹ̀ yìí gbọ́ igbe, ó sáré lọ, ó sì yọ ọmọdékùnrin kan tó ti rì dé ìbàdí nínú àbàtà. Bàbá ọmọ náà, tí í ṣe ọlọ́lá, wá dúpẹ́ ní ọjọ́ kejì, ó sì rán ọmọ àgbẹ̀ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ yẹn ló di Alexander Fleming tó ṣàwárí penisilíìnì, penisilíìnì kan náà ló sì gba ọmọ ọlọ́lá ọjọ́sí, Winston Churchill, lọ́wọ́ àìsàn òtútù àyà. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kà á, ó ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, kò rí àlàyé kankan ṣe. Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ̀, kí n tó dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn?

Adé Peckham fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹlẹgbẹ́ yín tọ̀nà. Ìlànà tí èmi ń lò kò le rárá: ìtàn tó bá ti dùn jù, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀ bá ara wọn mu bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dì í, irọ́ ni. Ìgbà wo ni ayé máa ń rí bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́ o. Òtútù àyà mú Churchill lóòótọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1943, nígbà tó wà ní Àríwá Áfíríkà láàárín ogun, wọ́n sì fún un ní penisilíìnì. Nítorí náà, ìdá kejì ìtàn náà dúró. Ìdá kìíní ni wọ́n hun mọ́ ọn.

Bàbá Ìkówèésí fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sọ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkówèésí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìtàn yìí sì wà lára àwọn tí àwọn ènìyàn máa ń wá bi wá nípa rẹ̀ jù lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò hàn yín, nítorí pé ohun tó mú kí ẹnu ẹlẹgbẹ́ yín wọ́hò ni pé ó dá ìtàn náà lẹ́bi lódindi. Ìtàn bí èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó kéré tán, mẹ́ta ló so pọ̀ nínú rẹ̀: pé wọ́n yọ ọmọ náà nínú àbàtà, pé bàbá rẹ̀ sanwó ẹ̀kọ́, àti pé oògùn náà gbà á là. Kí a tú wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì fi ọdún wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n bí Churchill ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1874. Wọ́n bí Alexander Fleming ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1881, ní oko Lochfield, nítòsí ìlú Darvel ní Skọ́tílándì. Hugh Fleming, bàbá rẹ̀, jẹ́ àgbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje péré ni Alexander nígbà tí ó kú. Nítorí náà, bí ìyọnu àbàtà bá ṣẹlẹ̀ rí, ó ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí Hugh tó kú, nígbà tí Churchill kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ẹ kíyè sí i pé ọdún nìkan kò pa ìdá yìí. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé kò sí ibi kankan tí Churchill, ìyá rẹ̀, tàbí àwọn Fleming ti mẹ́nu kàn án, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn Churchill jẹ́ ìdílé tí lẹ́tà wọn pọ̀ bí ewé. Àwọn kan tilẹ̀ ti yí ìtàn náà padà pé Alexander fúnra rẹ̀ ló wọnú omi lọ yọ Churchill. Ìyẹn ni pé ọmọdé tó fi nǹkan bí ọdún méje kéré sí i ló gbé e jáde.

Ìdá kejì ni ọdún ti pa pátápátá. Lord Randolph Churchill, bàbá Winston, kú ní oṣù Kìíní ọdún 1895, nígbà tí Alexander jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Alexander kò wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà náà. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tom, tí í ṣe dókítà, ó kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, ó sì fi ọdún mẹ́rin ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn St Mary's. Owó tó sì ṣí ọ̀nà fún un kò ti ọwọ́ ọlọ́lá kankan wá. Bàbá rẹ̀ kékeré kan tí kò bímọ, John Fleming, ló kú tó fi ogún sílẹ̀, nǹkan bí pọ́n-ùn 250 ló sì kan Alexander níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dókítà ló gbà á nímọ̀ràn pé kó fi owó náà kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn.

Ìdá kẹta ni mo fẹ́ bá Adé sọ díẹ̀ lórí rẹ̀. Àìsàn náà jẹ́ òótọ́, oṣù àti ọdún tí o dárúkọ sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n lò kì í ṣe penisilíìnì. Ní ẹ̀bá ìlú Túnísì níbi tó dùbúlẹ̀ sí, oògùn kan tí wọ́n ń pè ní M&B 693 ni Lord Moran, dókítà rẹ̀, fún un. Ilé iṣẹ́ May & Baker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe é, ó ti wà lọ́jà láti nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú, kò sì bá penisilíìnì tan rárá. Churchill fi ẹnu ara rẹ̀ yin M&B yìí ní gbangba ní ìparí oṣù náà. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ló sọ orúkọ ohun tó wò ó sàn.

Nígbà tí Fleming fúnra rẹ̀ gbọ́ ìtàn náà láyé rẹ̀, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé àlọ́ àgbàyanu ni.

Adé Peckham fèsì pé:

Bàbá, mo dúpẹ́. Mo ti gbà pé M&B ni. Ibi tí mo ti kà á pé penisilíìnì ni, ìwé ìròyìn gidi ni o, kì í ṣe Wọ́sáàpù. Ṣé a lè wá sọ pé Churchill àti Fleming kò mọ ara wọn rí?

Bàbá Ìkówèésí fèsì pé:

Rárá, ẹ má ṣe lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1946, Churchill béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ Fleming lórí àkóràn kan tí penisilíìnì kò rí ṣe. Nítorí náà wọ́n pàdé, penisilíìnì sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ èyí tí kò ṣiṣẹ́ ni. Irú èérún òótọ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú kí ìtàn àbùmọ́ nira láti tú palẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá sáré wò ó yóò rí orúkọ méjèèjì níbì kan náà, yóò sì gbà pé ó ti rí ẹ̀rí.

Ní ti ìwé ìròyìn, ẹ wo ìgbà tí ìtàn náà kọ́kọ́ yọjú. Magasínì Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Coronet tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, nígbà tó di 1950 ó sì ti wà nínú ìwé ìsìn àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọdún 1890, ìtàn rẹ̀ kò yọjú títí di ọdún kan lẹ́yìn àìsàn Churchill, ní àkókò tí orúkọ penisilíìnì wà lẹ́nu gbogbo ayé. Èyí ni àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju gbogbo àmì yòókù lọ. Bí ìtàn ìgbà èwe ènìyàn kò bá ní ẹlẹ́rìí kankan kí ẹni náà tó di olókìkí, òkìkí náà ló bí i.

Ìyá Àdùkẹ́ fèsì pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé Fleming kọ́ ló ṣàwárí penisilíìnì? Èmi nọ́ọ̀sì ni, ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn.

Bàbá Ìkówèésí fèsì pé:

Màmá, òun náà ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1928, ní ilé ìwòsàn St Mary's, ló rí i pé ohun tó hù nínú àwo rẹ̀ ń pa kòkòrò àrùn. Howard Florey àti Ernst Chain pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford ló sọ ọ́ di oògùn tí a lè fún aláìsàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Ìtàn àbàtà nìkan ni a ń yẹ̀ wò.

Ìyá Àdùkẹ́ fèsì pé:

Ó ti yé mi. Àmọ́ nígbà náà, kí ló burú níbẹ̀? Àwọn ọmọ yóò gbọ́ pé oore kì í gbé. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ìjàpá àti Yánníbo kò gbé ayé rí, a sì ń fi wọ́n kọ́ ọmọ.

Bàbá Ìkówèésí fèsì pé:

Tí a bá ń pa àlọ́, a máa ń kọ́kọ́ ké "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ á sì dáhùn "Ààlọ̀!" Ìkíni yẹn ti sọ fún wọn irú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, kò sì sí ọmọ tí a tàn. Ìtàn Fleming kò wá pẹ̀lú "Ààlọ́ o". Orúkọ ènìyàn tó gbé ayé àti ọdún tó wà nínú ìwé ni wọ́n fi ń gbé e wọlé.

Ó sì ní ẹni tí ìtàn náà ń jà lólè. Ọlọ́lá tí kò san kọ́bọ̀ ló gba ọpẹ́. Bàbá kékeré tó fi ogún sílẹ̀ pòórá, ẹ̀gbọ́n tó gba àbúrò rẹ̀ sílé ní Lọ́ńdọ̀nù pòórá, ìyá opó tó dúró ti oko lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ náà sì pòórá. Bí mo bá wà ní ipò Olùkọ́, àwọn yẹn ni mo máa sọ̀rọ̀ nípa wọn fún àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, tí púpọ̀ nínú wọn mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ẹ̀gbọ́n dókítà gba ọmọ sílé.

Adé, mo tún fẹ́ padà sórí ìlànà rẹ pé èyí tó bá dùn jù irọ́ ni. Wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ó sì di àlùfáà. Nígbà tó wá sí Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá rẹ̀, Àfàlà, tí kò rí i fún nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wá a débẹ̀. Ìlànà rẹ máa jù ú nù, nítorí kò sí ìtàn tó dùn tó o. Òótọ́ sì ni. Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ìtàn bí wọ́n ṣe kó o nínú lẹ́tà ní 1837, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé yóò di bíṣọ́ọ̀bù. Ó sì kọ ti ìpàdé òun àti ìyá rẹ̀ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846. Kì í ṣe adùn ni a fi ń yẹ ìtàn wò. Ẹni tó kọ ọ́, ibi tó ti mọ̀ ọ́n, àti ọjọ́ tó kọ ọ́ ni.

Ọmọ Ìbàdàn fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Bàbá bàbá mi di olóògbé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó sì jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Nínú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, a kọ ọ́ pé nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956, bàbá ló gbé àsíá síwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ìbàdàn, pé ọmọ kíláàsì kẹfà ni, àti pé Ọbabìnrin bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì sọ fún un pé, "Ìwọ yóò di olórí àwọn olùkọ́." Ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé kan náà ló sọ pé 1948 ni wọ́n bí i. Mo ṣe ìṣirò tí Bàbá Ìkówèésí ṣe yìí, mo rí i pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè wà ní kíláàsì kẹfà. Ṣé irọ́ ni bàbá wa pa fún wa?

Bàbá Ìkówèésí fèsì pé:

Ọmọ mi, má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí mo ṣe fún Fleming dúró nítorí pé láti 1855 ni òfin Skọ́tílándì ti mú un ní dandan kí wọ́n kọ ìbí àti ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Ọdún wọn lágbára. Ti wa kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìran bàbá rẹ. Níbo ni 1948 ti wá? Ṣé ìrìbọmi ni, àbí ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ tó lọ ṣe nígbà tó ń wá iṣẹ́ ìjọba?

Ọmọ Ìbàdàn fèsì pé:

Ìwé ìbúra ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin sọ pé àwọn àgbà máa ń sọ pé ọdún tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bí i.

Bàbá Ìkówèésí fèsì pé:

Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún nígbà tí Ọbabìnrin wá, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló sì wà ní kíláàsì kẹfà ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí pé oko ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò díẹ̀. Ọdún inú ìwé ìbúra ló ṣeé ṣe kó máa parọ́, kì í ṣe ìtàn àsíá. Bí a bá fi ọdún tí kò lágbára gbógun ti ìtàn, a lè pa ìtàn tó jẹ́ òótọ́.

Ṣùgbọ́n ya ìwà-níbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí Ọbabìnrin lẹ́nu. Àsíá lè jẹ́ òótọ́, kí ọ̀rọ̀ náà má jẹ́ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ ọjọ́ iwájú. Ó dárúkọ iṣẹ́ gan-an tí bàbá padà wá ṣe. Wo ìtàn Fleming tí wọ́n ń pín kiri: ọlọ́lá náà sọ fún àgbẹ̀ pé bí ọmọ yìí bá jọ bàbá rẹ̀, yóò di ènìyàn tí yóò mú orí rẹ̀ wú. Ẹni tó bá mọ òpin ìtàn nìkan ló lè kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tí o bá rí ẹni ńlá tó sọ àsọtẹ́lẹ̀ sórí ọmọdé, tí àsọtẹ́lẹ̀ náà sì ṣẹ láìtàsé, béèrè pé ta ló gbọ́ ọ ní ọjọ́ yẹn, ta ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó ṣẹ.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti yọ ìtàn àbàtà kúrò, ogún bàbá kékeré àti ẹ̀gbọ́n dókítà ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ó ku ọ̀kan. Lára ògiri yàrá ìkàwé wa, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Nelson Mandela kan tó sọ pé ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù kì í ṣe àìlágbára wa bí kò ṣe agbára ńlá tí a ní. Wọ́n ní ó sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ ààrẹ ní 1994. Báwo ni mo ṣe lè yẹ ìyẹn wò fúnra mi?

Adé Peckham fèsì pé:

Èyí ni mo mọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Kì í ṣe ti Mandela. Marianne Williamson, obìnrin Amẹ́ríkà kan, ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1992. Ọ̀rọ̀ tí Mandela sọ ní Pretoria ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1994 wà lórí ẹ̀rọ ayélujára lódindi, kò gùn, ẹ kà á tán, ẹ ò ní rí gbólóhùn yẹn níbẹ̀.

Bàbá Ìkówèésí fèsì pé:

Adé ti sọ ọ́ tán. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé ẹ lè lọ wo ibẹ̀. Èyí tó le ni ọ̀rọ̀ tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ibi, tó jẹ́ pé orúkọ ènìyàn ńlá nìkan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ti bí ẹ ṣe lè wá a fúnra yín, ẹ lọ sí Google Books, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn, tí kò wọ́pọ̀, nínú gbólóhùn náà, kí ẹ fi àmì àyọlò ká wọn mọ́. Bí ìtàn ni, tí kò ní gbólóhùn kan pàtó, ẹ fi orúkọ àti ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀ wá a, báyìí:

```
"Alexander Fleming" Churchill bog penicillin
```

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Tools, kí ẹ yan Custom range, kí ẹ máa fa ọdún ìparí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní sí èsì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún magasínì. Nígbà mìíràn, ọdún tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ magasínì jáde ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, ìtàn tó jáde ní 1960 á sì dà bí ti 1930. Àfi kí ẹ rí àwòrán ojú ìwé náà gan-an, kí ẹ sì rí ọdún tó wà lára rẹ̀, kí ẹ tó gbà á. Bí ẹ kò bá sì rí nǹkan kan, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ohun tí wọ́n ti yà sórí ẹ̀rọ nìkan ni ẹ wá, púpọ̀ nínú ìwé ìròyìn tiwa ní èdè Yorùbá kò sì tíì débẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn fèsì pé:

Mo ti bá àbúrò bàbá mi sọ̀rọ̀. Ó ní fọ́tò kan wà tí wọ́n yà ní ọjọ́ ìbẹ̀wò náà, pé ọ̀dọ̀ ẹbí kan ní Ọ̀yọ́ ló wà, àsíá sì hàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í ní ti ọ̀rọ̀ Ọbabìnrin, ó ní bàbá kò sọ ọ́ létí òun rí, pé níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì bàbá ni alága ètò ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fẹ́ kí a yọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ìdílé tí a ń kọ lọ́wọ́. Ó ní gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ìkówèésí fèsì pé:

Lọ wo fọ́tò yẹn, kí o sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ sábà máa ń kọ ọjọ́ síbẹ̀ tàbí kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wọn. Béèrè ìwé ìrìbọmi ní ìjọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti ọ̀rọ̀ Ọbabìnrin, ẹ lè fi í sílẹ̀ bí ẹ bá kọ ọ́ bó ṣe rí: pé alága ètò sọ ọ́ níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì, kí ẹ sì fi ọdún ayẹyẹ náà sí i.

Ọmọ Ìbàdàn fèsì pé:

Màá gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá yóò gbà. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ sí Ọ̀yọ́.